Límìtì tí mo gbàgbé sórí mílíọ̀nù márùn-ún

Kajú ni mo ń rà. Mo ti ń rà á fún bí ọdún mẹ́sàn-án báyìí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo máa ń wọ Ìkòyí-Ilé lọ, mo máa ń wọ àwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ náà, màá gbé e lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, màá tún un tà fún àwọn tó ń kó o lọ sí Èkó. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á mọ̀ pé láti bí oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún ni owó ńlá ń gba ọwọ́ wa kọjá, tí kajú bá ti parí, ó di owó ọbẹ̀ àti owó iléèwé ọmọ tí mo ń fi fóònù san. Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí ni pé owó tí wọ́n jí lọ́wọ́ mi ò kéré, àmọ́ ì bá má pọ̀ tó bó ṣe pọ̀ yẹn, ká ní mo ṣe nǹkan kan ṣoṣo tí kò gba ìṣẹ́jú méjì. Mo gbé límìtì tránsífà mi, iye owó tí báńkì gbà kó jáde lójúmọ́, sókè nígbà kajú, kajú parí, mi ò sì gbé e wálẹ̀.

Oṣù kẹjọ ló ṣẹlẹ̀. Òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ti ọjà Jagun bọ̀, mo wọ kábù ní Takie pé kí n máa lọ sílé, àwa mẹ́rin la fún ara wa pọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Ìgbà tí mo dé ẹnu géètì tí mo fẹ́ fi fóònù tanná ni mo rí i pé kò sí fóònù nínú báàgì mi mọ́. Mo kígbe, ọkọ mi jáde, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé fóònù yẹn ṣáà ní lọ́ọ̀kì, wọn ò lè ṣí i, tílẹ̀ bá mọ́ kí n lọ gba síìmù mi padà. Ohun tí àwa méjèèjì ò rò ni pé wọn ò nílò kí wọ́n ṣí fóònù náà rárá. Wọ́n yọ síìmù ẹ̀, wọ́n fi í sínú fóònù tiwọn. Káàdì ATM mi sì wà lẹ́yìn fóònù yẹn nínú pọ́ọ̀ṣì ẹ̀, òun àti káàdì ìdìbò mi, torí ibẹ̀ ni mo máa ń fi wọ́n sí kí n má baà gbàgbé wọn sílé. PIN káàdì yẹn, ọdún tí wọ́n bí mi ni. Ọdún tí wọ́n bí mi sì wà gbangba lára káàdì ìdìbò.

Báyìí ni wọ́n ṣe wọlé o. Wọ́n gbé áàpù báńkì mi sórí fóònù tiwọn, wọ́n fi nọ́ńbà káàdì àti PIN káàdì wọlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù tuntun, OTP tí báńkì fi ránṣẹ́ wọlé sórí síìmù mi tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n yan PIN tránsífà tuntun fúnra wọn, ó parí. Èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Nínú ìwé tí báńkì tẹ̀ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógójì lálẹ́ ni ₦500,000 àkọ́kọ́ jáde, ìkejì tẹ̀lé e, ìkẹta tẹ̀lé e, nígbà tó fi máa di aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá, wọ́n tún fa ₦300,000 yọ. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ni gbogbo ẹ̀ gbà wọ́n, ₦1,800,000. Díẹ̀ ló kù nínú àkántì yẹn, bí ₦40,000, àfi bíi pé wọ́n ṣàánú mi.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì kọ́sítọ́mà ní báńkì yẹn ṣe dáadáa fún mi, Ọlọ́run á ṣe tiẹ̀ dáadáa. Ó kọ́kọ́ dí àkántì náà, ó fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn báńkì tí owó náà wọ̀ pé kí wọ́n di owó náà mú. Ibi tí ₦300,000 tó gbẹ̀yìn wọ̀, wọn ò tíì rí i fà yọ, ìyẹn ni mo rí gbà padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Èyí tó kù, wọ́n ti gba a ní kéṣì lọ́dọ̀ àwọn oní-POS kó tó di pé ilẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má dúró dìgbà tílẹ̀ máa mọ́ bíi tèmi o, ẹ gba fóònù ẹlòmíì kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà báńkì yín lóru yẹn, torí owó tó bá ṣì wà nínú àkántì olè nìkan ni wọ́n lè dì mú.

Nígbà tó wá ń wo kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó yí i sọ́dọ̀ mi díẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, kí lẹ̀ ń fi límìtì mílíọ̀nù márùn-ún ṣe lójúmọ́?” Mo ní kajú ni. Ó ní, “Kajú nínú oṣù kẹjọ, mà?” Mi ò rí nǹkan kan sọ. Oṣù kẹta ni mo wá síbẹ̀ wá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n gbé e sókè, mo fọwọ́ sí i pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lórí owó ńlá yẹn ọrùn mi ló wà, látìgbà yẹn mi ò padà wò ó mọ́.

Èmi àtiẹ̀ jókòó ṣírò ẹ̀. Ká ní límìtì mi jẹ́ ₦150,000 lójúmọ́, wọn ì bá fa ₦150,000 yọ kí aago méjìlá tó lù. Ó wá sọ nǹkan tí mi ò mọ̀ rí fún mi, pé límìtì ojúmọ́ kì í ka wákàtí mẹ́rìnlélógún látìgbà tó o ti ṣe tránsífà, aago méjìlá òru ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oókan. Ìyẹn ni pé wọn ì bá dúró díẹ̀, kó di aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú kan, wọn ì bá tún fa ₦150,000 mìíì. Ó ní ìdí nìyẹn tí àwọn olè yìí fi fẹ́ràn àárín aago mọ́kànlá sí aago kan òru, wọ́n ń jẹ ojúmọ́ méjì lálẹ́ kan ṣoṣo, onílé sì ń sùn. Torí náà ₦300,000 ni wọn ì bá rí gbà, kì í ṣe ₦1,800,000. Mílíọ̀nù kan àbọ̀ ló wà láàárín méjèèjì. Látọjọ́ yẹn, tí mo bá fẹ́ mú nọ́ńbà kan fún límìtì ojúmọ́, ìlọ́po méjì ẹ̀ ni mo máa ń bi ara mi, ṣé mo lè fara da á tó bá lọ lóru ọjọ́ kan?

Nígbà tí mo gba síìmù padà tí mo sì ṣe àtúnṣe áàpù náà, ìyẹn ni mo kọ́kọ́ ṣe. Lórí áàpù tèmi, ẹ máa wọ `Settings`, lẹ́yìn náà `Transfer Limits`. Áàpù mìíì á fi í sábẹ́ `Security` tàbí `Profile`, àmọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa wá ni `Limit`. Tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, ẹ máa rí nọ́ńbà méjì, kì í ṣe ẹyọ kan, ibẹ̀ ló ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Ọ̀kan ni `Single Transaction Limit`, iye tó lè jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn. Ìkejì ni `Daily Limit`, àpapọ̀ gbogbo ohun tó lè jáde láàárín òru sí òru.

Mi ò kàn dá nọ́ńbà mú lórí afẹ́fẹ́. Mo ṣí ìtàn tránsífà mi ti oṣù mẹ́ta tí kajú ò sí, mo fi bíróò kọ àwọn ọjọ́ tí owó tó jáde pọ̀ jù sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ò kọjá ₦35,000. Ọjọ́ tó pọ̀ jù ni ọjọ́ tí mo san owó iléèwé Dámilọ́lá, ₦120,000. Mo bá fi `Daily Limit` sí ₦150,000, mo fi `Single Transaction Limit` sí ₦50,000. Dámilọ́lá bi mí pé, “Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ẹ fi kékeré sí ti ẹ̀ẹ̀kan, ṣé ẹ máa wá san owó iléèwé mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni?” Bẹ́ẹ̀ ni, màá san án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò kọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ kó ₦150,000 mi á ní láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, álẹ́ẹ̀tì á dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bóyá á jí mi. Mo tún ní kí báńkì máa fi álẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ímeèlì mi, ímeèlì yẹn sì wà lórí fóònù ọkọ mi, torí bí síìmù bá wà lọ́wọ́ olè, ọwọ́ olè náà ni álẹ́ẹ̀tì orí síìmù ń lọ.

Kí n sọ pé títẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ò le rárá. PIN nìkan ni áàpù bi mí, lójú ẹsẹ̀ ló sì mú un. Gbígbé e sókè ló máa ń béèrè nǹkan púpọ̀, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Mo rò pé mo ti ṣe tán, àṣé mi ò tíì ṣe tán. Ọmọbìnrin báńkì yẹn ló tún pè mí padà bí mo ṣe fẹ́ jáde lọ́jọ́ tí mo lọ béèrè nípa owó mi, ó ní ṣé mo mọ̀ pé límìtì orí áàpù, orí áàpù nìkan ló wà. Kóòdù tá à ń tẹ̀ láìní dátà, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀ tó ń parí pẹ̀lú háàṣì, límìtì tiẹ̀ dá wà. Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, ló ti fi òfin de ìyẹn láti ọdún 2018, pé kò gbọdọ̀ ju ₦100,000 lọ lójúmọ́ fẹ́ni kan, àyàfi tẹ́ni náà bá fọwọ́ sí ìwé pé òun fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì náà tún ní tiẹ̀, iye tó lè fà nídìí ẹ̀rọ ATM, iye tó lè ná lórí POS, iye tó lè ná lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá fi áàpù sí ₦150,000 tí mo sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, olè á kàn gba ẹnu ọ̀nà míì ni. Mo ní kí wọ́n pa kóòdù yẹn fún àkántì tí owó kajú ń wọ̀ pátápátá, mi ò lò ó rí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo wọ ibi tí wọ́n ń pè ní `Card Controls` nínú áàpù, mo pa ti íńtánẹ́ẹ̀tì, mo dín ti POS kù. Káàdì fúnra ẹ̀ ti kúrò lẹ́yìn fóònù, mo sì yí PIN ẹ̀ padà sí nọ́ńbà tí kò bá ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni nílé wa mu.

Síìmù náà ńkọ́? Nínú fóònù Áńdúróìdì, ẹ wá `SIM card lock` nínú `Settings`, ẹ lè fi PIN sórí síìmù fúnra ẹ̀, tẹ́nikẹ́ni bá fi í sínú fóònù míì, kò ní ṣiṣẹ́ àyàfi tó bá tẹ PIN yẹn. Ká ní mo ti ṣe é ni, OTP ì bá má dé ọwọ́ wọn. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o, ẹ kọ́kọ́ béèrè PIN tó wà lórí síìmù yín látilẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ni í, ẹ má kàn máa tẹ èyí tó bá wá sí yín lọ́kàn, torí tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò bọ́ sí i, síìmù náà á tì pa, á máa béèrè nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní PUK. Ó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi, ó tò sórí ìlà ní ọ́fíìsì wọn fún odindi àárọ̀ kan.

Nígbà tí kajú tún dé lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìbẹ̀rù ti wọ̀ mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e sókè láì padà síbi tí mo ti bọ̀? Ọjọ́ àkọ́kọ́ ò dáa. Mo dé oko Bàbá kan ní Ìkòyí-Ilé, a ti wọn kajú tán, àpò ti wà lórí ọkọ̀, mo ṣí áàpù láti sanwó, àkọlé pupa jáde, `Amount exceeds your single transaction limit`. Mo ti gbé `Daily Limit` sókè lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo gbàgbé ìkejì ẹ̀, ó ṣì wà ní ₦50,000. Mo ní kí n gbé e sókè níbẹ̀, áàpù ní kí n gbé ojú mi sí kámẹ́rà, oòrùn wà lẹ́yìn mi, netíwọ́ọ̀kì ò dúró, ojú ò wọlé, ẹ̀ẹ̀kejì ò wọlé, ẹ̀ẹ̀kẹta áàpù ní òun ti dí ibẹ̀ pa, kí n padà wá tó bá yá. Bàbá fara balẹ̀ sí mi o, àmọ́ ó ní, “Ìyá Dámi, mo mọ̀ yín, ẹ ò lè ré mi jẹ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò ní kúrò níbí kí álẹ́ẹ̀tì tó dún.” Òótọ́ ló sọ. Ọkọ̀ dúró síbẹ̀ títí aago mẹ́rin, mo sanwó ìdúró fún dẹ́rẹ́bà.

Bí mo ṣe ń ṣe é látìgbà náà nìyí, màá fi ọjọ́ Sátidé kan pàtó ṣàlàyé ẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ mo pe àwọn àgbẹ̀ méjì tí mo fẹ́ lọ bá, mo béèrè iye kílò tí wọ́n ní nílẹ̀. Bàbá ní nǹkan bíi 1,150, ẹnì kejì ní 620. A ti jọ sọ ọ́ sí ₦1,400 kílò kan. Ti Bàbá jẹ́ ₦1,610,000, tẹnì kejì jẹ́ ₦868,000, owó ọkọ̀ ₦60,000, owó àwọn tó ń gbé àpò ₦22,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦2,560,000. Mo fi díẹ̀ lé e, torí kílò lè lé díẹ̀ lórí ìwọ̀n, mo fi `Daily Limit` sí ₦2,700,000, mo fi `Single Transaction Limit` sí ₦1,700,000. Mi ò kàn fi í sí mílíọ̀nù márùn-ún mọ́ torí pé áàpù gbà mí láyè ẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí mo fọwọ́ sí ní báńkì ni òkè tí mo lè dé, ìyẹn ò ní kí n gbé níbẹ̀. Ẹni tí àkántì tiẹ̀ bá ṣì wà ní `Tier 1` tàbí `Tier 2`, áàpù ò ní jẹ́ kó kọjá ibì kan bó ti wù kó tẹ̀ ẹ́ tó, àfi kó lọ kún BVN, NIN àti ìwé àdírẹ́sì ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sí `Tier 3`, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀.

Aago méje àárọ̀ Sátidé ni mo gbé e sókè, nínú pálọ̀ mi, mo dojú kọ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ wà lójú mi, mi ò dé gèlè, mo bọ́ gíláàsì. Ó gba ojú mi lẹ́ẹ̀kan náà, ó béèrè kóòdù tókìn, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí báńkì fún mi tó ń yọ nọ́ńbà mẹ́fà, mo tẹ̀ ẹ́. Tókìn yẹn kì í bá mi jáde mọ́, ilé ló ń gbé, inú dúrọ́ọ̀. Ìdí kan tí mi ò fi ń gbé límìtì sókè lọ́jà mọ́ tún nìyẹn, ẹni tó bá gba fóònù mi ní Takie kò lè gba tókìn mọ́ ọn. Mi ò gbé e sókè lálẹ́ Jímọ̀ náà, torí gbogbo òru yẹn ni ì bá fi wà ní ṣíṣí láìnídìí.

Kí n tó kúrò nílé, fóònù dún. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀. Ọkùnrin kan, ohùn ẹ̀ tutù bíi tàwọn báńkì, ó pe orúkọ mi pé, ó ní àwọn rí i pé ẹnì kan fẹ́ fi àkántì mi ṣe nǹkan, òun fẹ́ bá mi fagi lé e, pé kóòdù kan á wọlé báyìí, kí n kà á fún òun. Kóòdù wọlé lóòótọ́. Èmi tí wọ́n ti jà lólè rí, ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo rò ó pé ṣé torí límìtì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sókè ni? Àmọ́ mo ní kí n kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ yí kóòdù yẹn ká, torí a máa ń sáré wo nọ́ńbà nìkan, a kì í ka ìyókù. Ohun tó wà níbẹ̀ ni `Use this code to register a new device`. Kò sí ọ̀rọ̀ fífagi lé nǹkan kan níbẹ̀. Ó ń forúkọ fóònù tuntun sílẹ̀ ni, kóòdù yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn tó ń wá. Mo pa fóònù mọ́ ọn létí, mo fi ọwọ́ ara mi tẹ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM mi, mo sọ fún báńkì. Wọ́n ní àwọn ò pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún sọ pé fóònù tuntun tó bá wọ áàpù mi báyìí ò ní lè fi owó ńlá ránṣẹ́ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìyẹn kún un ni. Inú mi dùn sí i, àmọ́ ẹ rántí ẹ̀ náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ fóònù tiyín, ẹ má ṣe é ní ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ sanwó ọjà.

Ní oko, tránsífà Bàbá wọlé, a gbọ́ álẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Tẹnì kejì ló há. `Pending` ló kọ, owó ti kúrò lọ́dọ̀ mi, kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ní, “Àǹtí, ẹ tún un fi ránṣẹ́, èyí tó há á padà sọ́dọ̀ yín.” Ó rò pé ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Mo fi hàn án lórí áàpù: nínú ₦2,700,000, ₦2,478,000 ti jẹ, torí èyí tó há náà ti wà nínú ìṣirò ojúmọ́, ₦222,000 ló kù fún mi. Kò sí bí ₦868,000 míì ṣe lè jáde àyàfi tí mo bá tún gbé límìtì sókè, tí mo bá sì gbé e sókè, tí èyí tó há bá wọlé lẹ́yìn náà, mo ti sanwó lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Límìtì tí mo ṣe ní ìwọ̀n ló gbà mí lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣí ìwé ẹ̀rí tránsífà náà, mo ya `Session ID` ẹ̀ fún un, nọ́ńbà gbọọrọ oní díjíìtì ọgbọ̀n yẹn, mo ní tó bá pẹ́ jù, kó fi pe báńkì tiẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń wá owó tó wà lójú ọ̀nà. A jókòó, wọ́n fún wa ní omi àti gúgúrú. Bí ogójì ìṣẹ́jú sí i, fóònù ẹ̀ dún.

Mo san owó àwọn tó gbé àpò, mo san tọkọ̀. Kí dẹ́rẹ́bà tó ṣíná ọkọ̀, mo jókòó síwájú, mo wọ `Transfer Limits`, mo dá méjèèjì padà sí ₦150,000 àti ₦50,000, PIN nìkan ló béèrè. Mo ti ṣètò áláàmù sórí fóònù ọkọ mi náà fún aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ tí mo bá lọ ra kajú, kó lè bi mí bí mo bá gbàgbé. Nígbà tí áláàmù yẹn dún lọ́jọ́ náà, a ti ń wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó pè mí, ó ní, “Ìyá Dámi, límìtì ńkọ́?” Mo ní ó ti wà nílẹ̀ láti Ìkòyí.